Kànga Tó Ń Jẹ́ Kí Ẹ̀wà Tètè Rọ̀

Kànga ilé wa lókìkí ládùúgbò wa ní Ọ̀fà. Tẹ́ ẹ bá fi omi rẹ̀ gbé ẹ̀wà ka iná, kẹ́ ẹ tó gbálẹ̀ tán, ẹ̀wà ti rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi se ilá, ilá á yọ̀ débi pé okùn rẹ̀ á tẹ̀ lé ṣíbí láti inú àwo dé ẹnu, á tún padà sínú àwo. Ìyá Ẹlẹ́wà, aládùúgbò wa tó ń ta ẹ̀wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìjàgbò, kì í fi omi mìíràn se tirẹ̀. Láàárọ̀ kùtùkùtù ló máa ń dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, á máa fa omi, á máa sọ̀rọ̀.

“Ọlọ́run ló fi kànga yìí ta yín lọ́rẹ,” ló máa ń wí. “Igi tí ẹlòmíràn fi ń se ẹ̀wà kan, èmi á fi se méjì.”

Inú wa á dùn. Ta ni wọ́n máa yin nǹkan rẹ̀ tínú rẹ̀ ò ní dùn? Kò sí ẹnì kankan nínú ilé wa tó bi ara rẹ̀ pé kí ló wà nínú omi náà tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi pàápàá tí mo ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ níwèé mẹ́wàá, tí mo sì gba ipò gidi nínú rẹ̀, mi ò bi ara mi rí.

Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni mò ń gbé. Ìyá àgbà là ń pè é. Ọṣẹ dúdú ló ń ṣe, ó sì ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá mi. Èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń sun, á kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, á máa da omi lé e lórí. Omi tó bá kán sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò á pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Omi eérú yẹn ló ń sè pọ̀ mọ́ àdín títí tó fi máa di ọṣẹ. Bí eérú kan ò bá ti mú mọ́, á dà á sẹ́yìn àtíbàbà rẹ̀, á sì bu òmíràn. Àtíbàbà yẹn wà lókè díẹ̀, kànga wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ kànga.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ilẹ̀ náà. Alhaji ni gbogbo wa ń pè é, títí kan Ìyá àgbà tó bí i. Lọ́dún tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, tí máàkì JAMB mi ò tó ohun tí wọ́n ń béèrè, mo jókòó sílé, mo wá gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀ nígbà òjò kí ọwọ́ mi má bàa dilẹ̀. Ẹ ò rí tẹ̀tẹ̀. Ó tutù, ó fẹ̀, ó ń dán. Bí mo bá jí, kí n tó fọ ẹnu ni mo máa ń lọ wò ó. Mo wá mọ̀ pé nǹkan tí mo fẹ́ ṣe nìyí, kì í ṣe torí pé mo jókòó sílé, torí pé ó wù mí ni.

Nígbà tí òjò fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Alhaji. Mo ní mo fẹ́ fi ilẹ̀ náà gbin tòmáàtì lẹ́ẹ̀rùn, nígbà tí tòmáàtì ń wọ́n.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Oníbúlọ́ọ̀kù kan ti ń yọ mí lẹ́nu lórí ilẹ̀ yẹn,” ló wí. “Ó fẹ́ da yanrìn síbẹ̀, kó máa mọ búlọ́ọ̀kù. Mo ní kó mú sùúrù dìgbà òjò.”

“Alhaji, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mi ò tíì kọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilẹ̀ tí nǹkan ò hù lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, oníbúlọ́ọ̀kù ló ni ín. Tí mo bá dé ibẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, tí mo rí nǹkan aláwọ̀ ewé tó dúró dáadáa, ilẹ̀ di tìẹ. Tí mi ò bá rí i, má wá sunkún sí mi lára.”

“Mi ò ní sunkún, sà.”

“Kànga kúkú wà níbẹ̀,” ni Ìyá àgbà sọ láti ẹ̀gbẹ́ kan. “Kí ló kù?”

Lóòótọ́, kí ló kù? Mo kọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ. Mo gbin irúgbìn sí nọ́sìrì, mo ṣíji bò ó, nígbà tó tó, mo tú u lọ gbìn sí àyè rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn má bàa pa á. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa, mo ń ya fọ́tò rẹ̀ kiri bíi pé ọmọ ni mo bí.

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé, ni nǹkan yí padà.

Bí oòrùn bá ti yọ díẹ̀, ewé tòmáàtì mi á sorí kọ́. Mo rò pé omi ò tó, mo bu sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó tún sorí kọ́. Mo ń bomi rin ín láàárọ̀, mo tún ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́, kẹ́ẹ̀tù kékeré kan ni mò ń lò, mò ń wọ́n ọn káàkiri bí ẹni ń wọ́n lọ́fínńdà. Ohun tó ń dà mí lọ́kàn rú ni pé bí mo bá fi ìka gún ilẹ̀, ilẹ̀ tutù. Omi wà níbẹ̀. Síbẹ̀ òùngbẹ ń gbẹ tòmáàtì. Etí ewé wá bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, ó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, bíi ti bébà tí iná jó díẹ̀.

Alhaji kọjá lọ́jọ́ kan. Ó dúró lójú ọ̀nà, kò tiẹ̀ wọlé. “Omi ò tó,” ló wí.

“Mò ń fún un lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, sà.”

“Fún un lẹ́ẹ̀mẹta.”

Mo fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ó burú sí i.

Ìyá àgbà ní kòkòrò ni. Ó bu eérú sínú asẹ́, ó ń gbọ̀n ọ́n sórí ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ̀rọ̀ sí wọn: “Ẹ dìde, ẹ má dójú ti ọkọ mi.” Èmi ni ọkọ rẹ̀. Eyín tó kù fún un ò pọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ síwájú tòmáàtì mi pẹ̀lú asẹ́ eérú. Èmi náà mọ̀ pé eérú díẹ̀ dára fún ilẹ̀, wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, mo ní kó máa bá mi gbọ̀n ọ́n lọ.

Nígbà tó yá, mo rí nǹkan funfun lórí ilẹ̀. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì gan-an, kò sí ní àárín poro. Ó dà bí ìgbà tí ìyẹ̀fun èlùbọ́ funfun bá dà sílẹ̀ tí wọ́n gbá a tí kò lọ tán. Mo fi ìka kàn án, mo fi kan ahọ́n. Ó korò díẹ̀, ó ní iyọ̀ nínú, ó sì ń yọ̀ lẹ́nu bí ọṣẹ. Mo tutọ́ rẹ̀ dànù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo ń jẹ ilẹ̀?

Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta kú pátá. Márùn-ún tó kù, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju òkú lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí oníbúlọ́ọ̀kù náà tó wá dúró létí ilẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ méjì, ó ń fi fóònù sọ fún ẹnìkan pé yanrìn tírípù mélòó kan á gba ibẹ̀. Mo wọnú yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sunkún sí Alhaji lára. Kò sí ẹni tó ní kí n má sunkún sí pílò.

Alhaji ló wá ṣe àánú mi. Ó ní obìnrin kan wà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀, ó máa ń wá sí Òjokù, ìlú tí kò jìnnà sí wa, lọ́jọ́ ọjà láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ó fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo pè é, mo ṣàlàyé títí tí kírẹ́dìtì mi fẹ́ tán. Ìbéèrè kan péré ló bi mí.

“Ilẹ̀ tutù, àbí?”

“Ó tutù dáadáa, mà.”

“Bu omi tó o fi ń rin ín sínú ìgò, kó o mú un wá. Bu omi kànga mìíràn náà, èyí tó jìnnà síbẹ̀ díẹ̀.”

Mo bu ti kànga wa. Mo kọjá títì lọ bu ti kànga ilé Alhaji, tó wà lókè, lókè àtíbàbà Ìyá àgbà pàápàá. Mo kọ “wa” sára ọ̀kan, mo kọ “Alhaji” sára èkejì, mo gun ọ̀kadà, ó di Òjokù.

Abẹ́ igi máńgòrò ni mo bá a, àwọn àgbẹ̀ yí i ká, wọ́n ń bi í nípa ẹ̀gẹ́. Ó jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ bàtà òjò lẹ́ẹ̀rùn. Nígbà tó kàn mí, ó mú nǹkan kan jáde nínú báàgì tó dà bíi bíró ńlá, tó ń wọn bí iyọ̀ inú omi ṣe pọ̀ tó, ó rì í bọ inú omi Alhaji. Nọ́ńbà kékeré kan jáde lójú rẹ̀. Ó fi omi mímọ́ ṣan án, ó rì í bọ inú omi tiwa. Nọ́ńbà náà ń gòkè, ń gòkè, ó kọ̀ kò dúró. Obìnrin náà gbé e sún mọ́ ojú, ó tún ṣan án, ó tún wọ̀n ọ́n.

“Ẹ̀ ń mu omi yìí?” ló bi mí.

“Rárá, mà. Píọ̀-wọ́tà là ń mu. A máa ń fi se oúnjẹ.”

“Báwo ni ẹ̀wà ṣe ń rí tí ẹ bá fi sè é?”

Ó yà mí lẹ́nu. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà fún un? “Ó máa ń tètè rọ̀, mà. Ilá náà máa ń yọ̀ gan-an. Omi wa lókìkí.”

Gbogbo àwọn àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá àgbàlagbà kan ní, “Ọmọ yìí, kí lẹ máa ń fi sínú ẹ̀wà tí kò bá fẹ́ rọ̀?”

“Kán-ún,” ni mo wí.

Mo gbọ́ ọ bí mo ṣe sọ ọ́ tán. Kán-ún. A ń fi kán-ún bomi rin tòmáàtì.

Obìnrin náà ṣàlàyé fún mi lórí òkúta tó jókòó lé, ó fi igi ya gbòǹgbò sílẹ̀. Ó ní gbòǹgbò ò ní ẹnu tó fi ń fa omi bí ẹni ń fi sítírọ́ọ̀ mu mínírà. Ó ní omi fúnra rẹ̀ ló ń wọlé, torí omi a máa kọjá lára awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lọ síbi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí. Nínú gbòǹgbò, iyọ̀ díẹ̀ wà, ṣúgà wà. Bí omi tó wà nínú ilẹ̀ ò bá ní iyọ̀ tó ti inú gbòǹgbò, omi á máa wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ ti ilẹ̀ bá ń pọ̀ sí i, omi ò ní fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ iyọ̀ náà mọ́. Gbòǹgbò á wà nínú omi, kò ní rí mu. Bí iyọ̀ ọ̀hún bá wá pọ̀ jù, ilẹ̀ lè máa gba èyí tó wà nínú gbòǹgbò pàápàá.

“Iyọ̀ tó bá sì wọlé,” ló wí, “ewé ló ń lọ kó jọ sí. Ìdí nìyẹn tí etí ewé rẹ fi ń jóná.”

“Mo ń bomi rin ín lẹ́ẹ̀mẹta, mà.”

“Díẹ̀ díẹ̀, àbí?”

“Díẹ̀ díẹ̀.”

“Oòrùn ń gbé omi lọ, kì í gbé iyọ̀. Gbogbo èyí tó o bù lójoojúmọ́, omi rẹ̀ ti lọ, iyọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Òun lo rí tó funfun lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà òjò ńkọ́, nǹkan hù níbẹ̀?”

Mo rántí tẹ̀tẹ̀ mi. “Ó hù dáadáa.”

“Òjò ló ń fọ̀ ọ́.” Ó na ìgò tí mo kọ “Alhaji” sí sí mi. “Èyí dára. Fi ṣe iṣẹ́ òjò. Má wọ́n ọn. Rin ín débi pé omi á wọlẹ̀ kọjá gbòǹgbò, kó gbé iyọ̀ dání lọ sísàlẹ̀, níbi tí tòmáàtì rẹ ò lè dé. Tó bá tún yá, o tún rin ín bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ yín dagẹ̀rẹ̀, àbí? Omi á ríbi gbà lọ. Fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ kí oòrùn má máa fa omi jáde. Má sì da eérú kankan síbẹ̀. Kò burú tó bá kéré, àmọ́ ilẹ̀ yín ti yó.” Ó wá wò mí. “Ohun tí mi ò mọ̀ ni ibi tí kán-ún náà ti ń wá. Ilẹ̀ Ọ̀fà kì í sábà ṣe báyìí. Wo òkè kànga yín.”

Mo ti mọ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Lórí ọ̀kadà, gbogbo ọ̀nà láti Òjokù dé ilé, àtíbàbà Ìyá àgbà ló wà lójú mi, àti òkìtì eérú tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ti ga jù mí lọ láti kékeré mi, tí òjò ń rọ̀ sí lọ́dọọdún, tí omi pípọ́n ń ti ìdí rẹ̀ rìn lọ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, sínú kànga.

Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n sọ ọ́ fún ìyá tó ń fi asẹ́ gbọ̀n eérú fún mi láràárọ̀?

Mi ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì náà, mi ò sọ ọ́. Mo kàn ń fi báró ru omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà mẹ́fà láti ilé Alhaji, Ìyá àgbà sì ń wò mí.

“Kí ló ṣe kànga wa?”

“Kò sí nǹkan, mà.”

“Nǹkan wà níbẹ̀. Àbí o kàn fẹ́ràn kó o máa ti báró kọjá títì ni?”

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó gé ikàn sínú àwo. Ó fẹ́ràn ikàn tútù, iyọ̀ ló máa ń fi jẹ ẹ́. Ó bu iyọ̀ sí i, ó dìde lọ kí ìrun. Nígbà tó padà dé, ikàn ti rọ̀ jọwọlọ, omi sì ti sun jáde sínú àwo.

“Ìyá àgbà, omi wo nìyí?” mo bi í.

“Omi ikàn ni. Ṣé ojú ẹ ń ṣe ẹ́ ni?”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ fún un jáde?”

“Ta ló ń fún ikàn? Ikàn máa ń sunkún tí iyọ̀ bá bà á. Ọmọ yìí mà ti dàgbà tán, kò mọ nǹkan kan.” Ó mú ọ̀kan sẹ́nu.

“Tòmáàtì mi náà ń sunkún, mà,” ni mo wí. “Nísàlẹ̀ ilẹ̀.”

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ bíró tó ń ka nọ́ńbà, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà àti ilá, mo sọ ti òkìtì eérú. Mò ń sáré sọ ọ́ kí n má bàa dúró láàárín. Ìyá àgbà jẹ ikàn tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán, ó gbé e mì.

“Ṣé ohun tó o ń wí ni pé ọṣẹ mi ló pa tòmáàtì ẹ?”

“Ọṣẹ kọ́, mà. Omi eérú ni.”

“Eérú yẹn ni mo fi tọ́ bàbá ẹ.”

“Bàbá mi le ju tòmáàtì lọ, mà.”

Mo ti ń múra àtikúnlẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ lé àyà. “Èmi náà sì ń gbọ̀n ọ́n sí i,” ló wí jẹ́jẹ́. “Láràárọ̀. Mò ń ní kí wọ́n dìde.”

“Ẹ ò mọ̀, mà. Èmi náà ò mọ̀.”

“Mò ń fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ní iyọ̀ jẹ, mo tún ń bá a wí pé kò dìde.” Ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi etí ìborùn nù ún, ó ń tọ́ka sí àwo ikàn, kò lè sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni mo rí i tó ń yí àwọn ìkòkò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kọjá kànga, kọjá bẹ́ẹ̀dì mi, létí gọ́tà ńlá tó ń gbé omi lọ. Ó ní kí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí abẹ́ wọn, ó gbé rọ́bà sábẹ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀kán omi kan má bàa bọ́ sílẹ̀. Òkìtì eérú àtijọ́, ó fún àwọn àgbẹ̀ Òjokù tó ní ilẹ̀ wọn ti gbó, obìnrin oníbíró yẹn ló bá a wá wọn. Ìdajì báró péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tẹnu mọ́ ọn: “Díẹ̀ ni o. Ẹ má fi pa tòmáàtì ẹni ẹlẹ́ni.”

Èmi sì ń ru omi. Mo rin bẹ́ẹ̀dì márùn-ún náà débi pé ẹsẹ̀ mi rì, mo jẹ́ kó fà, mo tún rin ín. Mo fi koríko gbígbẹ bò ó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí ìyàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ní nǹkan bí aago méjì, oòrùn mú gan-an, mo sì rí tòmáàtì kan tó dúró. Kò sorí kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó dáadáa. Àárín rẹ̀ ti hu ewé tuntun, kékeré, etí rẹ̀ ò jóná rárá. Mo sáré wọlé lọ pe Ìyá àgbà, bàtà mi kan bọ́ sójú ọ̀nà, mi ò padà mú un. Àwa méjèèjì dúró nínú oòrùn yẹn, à ń wo ewé kan ṣoṣo.

“Ó dìde,” ni Ìyá àgbà wí.

Gbogbo wọn kọ́ ló dìde. Àwọn kan ti lọ jìnnà jù, mo fà wọ́n tu, mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí àyè wọn. Nígbà tó yá, tòmáàtì bẹ̀rẹ̀ sí í so. Mo máa ń gbé koríko sókè láti wo ilẹ̀, bóyá funfun yẹn ti padà. Kò padà. Ilẹ̀ dúdú, ó sì ń rùn bíi ti ìgbà òjò.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọjọ́ kan tí kò sẹ́ni tó retí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Alhaji dé, agboòrùn ló fi ń tẹ̀lẹ̀, oníbúlọ́ọ̀kù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Alhaji wọ àárín bẹ́ẹ̀dì, ó ká tòmáàtì kan, ó fi agbádá nù ún, ó gé e jẹ. Ó ká òmíràn, ó fún oníbúlọ́ọ̀kù.

“Jẹ ẹ́,” ló sọ fún un. “Ohun tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn.”

Ọkùnrin náà jẹ ẹ́. Ó ní ó dùn. Ó ní ṣé kò sí díẹ̀ tóun lè mú lọ fún ìyàwó òun. Mo ká fún un títí fìlà rẹ̀ fi kún.

“Ilẹ̀ di tìẹ,” ni Alhaji wí, ó wá yíjú sí mi. “Àmọ́ gbogbo wa ò lè máa mu ẹrẹ̀ nílé mi nítorí tòmáàtì. Lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kànga tìẹ ni kó o lò.”

Ayọ̀ mi gé méjì níbẹ̀. Ilẹ̀ di tèmi, ṣùgbọ́n kànga tí mo fẹ́ fi rin ín, ṣé á sàn? Gbogbo ìgbà òjò yẹn, bí òjò bá ti ṣú, mo máa ń dúró lójú fèrèsé, mo máa ń sọ fún un pé kó fọ̀ ọ́, kó fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìyá àgbà ní òun ò rí ẹni tó ń rán òjò níṣẹ́ rí.

Òjò tán, ẹ̀ẹ̀rùn tún wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbálẹ̀, mo gbọ́ ariwo kẹ́ẹ̀gì. Ìyá Ẹlẹ́wà ló dé, ó fajú ro.

“Ẹ káàárọ̀, mà.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí lẹ ṣe sí kànga yìí?”

“Kí ló ṣẹlẹ̀, mà?”

“Ẹ̀wà mi kì í rọ̀ mọ́. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdì igi kan tán lórí rẹ̀ lánàá, ẹ̀wà ṣì ń wò mí. Ilá tí mo sè fún ọmọ mi, bí omi lásán ni. Mo ní kí n wá bi yín, bóyá ẹnì kan ló ba kànga yìí jẹ́.”

Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo dì mọ́ ọn. Àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n yí lọ sí ìdí tòmáàtì mi tuntun.

“Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?” ló ń bi Ìyá àgbà lókè orí mi. “Mo ní ẹ̀wà mi ò rọ̀, ó ń yọ̀.”

“Fi í sílẹ̀,” ni Ìyá àgbà wí láti ìdí ìkòkò rẹ̀ nísàlẹ̀. “Gbé àwo wá, kí n bu omi eérú díẹ̀ fún ẹ. Ìyẹn ló ń bá ẹ se ẹ̀wà látọjọ́ yìí.”